Òwe Ẹlẹ́dẹ̀ Lábà Kòkó

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fà mọ́ra dáadáa. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé wá. Ẹni tó ń bó ẹ̀pà, kó tètè bó o tán, torí èèpo ẹ̀pà a máa pariwo mọ́ orin lẹ́nu. Ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi, orin kékeré sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ìjàpá níbẹ̀, kò sí ọba. Olùkọ́ obìnrin kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú òwe kan ṣoṣo, àti kòkó tó ti pọ́n sórí igi.

Tẹjú lorúkọ olùkọ́ náà. Èdè Faransé ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ore. Ó kàwé rẹ̀ yanjú ní yunifásítì, ó tún gbé oṣù mẹ́fà ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láàárín àwọn tó ń fi Faransé ná ata lọ́jà. Yàrá kan ló gbà nílé Ìyá Fadékẹ́, ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín fáwọn awakọ̀ létí títì Bìní. Ìyá Fadékẹ́ ò kọjá ìwé kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orin ò tán lẹ́nu rẹ̀ rí. Bó bá ń bó ẹ̀wà, orin. Bó bá ń fọ ewé, orin. Tẹjú a máa sọ pé òun ò nílò aago, torí orin tí ìyá bá ń kọ ni òun fi ń mọ ohun tó kù tí oúnjẹ yóò fi jinná.

Ní Odigbo, bàbá àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Fádáre. Òun ló ni oko kòkó ńlá kan lọ́nà Ago Alaye, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọkùnrin méje dé láti apá àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti agbègbè Jugú, wọ́n ń wá oko tí wọ́n máa ṣe. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Sàlíhù ni olórí wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun díẹ̀. Bàbá Fádáre gbé oko fún wọn ṣe, àdéhùn sì ni pé bí ọdún bá parí, ìdá kan nínú mẹ́ta kòkó náà á jẹ́ tiwọn. Wọ́n mọ iṣẹ́. Wọ́n ro abẹ́ kòkó títí ó fi mọ́ bí àgbàlá.

Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ẹnu. Bàbá ò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Dẹndí, èdè tí àwọn ọkùnrin náà ń sọ láàárín ara wọn. Àwọn náà ò tíì gbọ́ Yorùbá kọjá ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣeun. Nínú àwọn méjèèje, Ammar nìkan ló ti jókòó ní kíláàsì rí, òun nìkan ló gbọ́ Faransé dénú. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń bẹ Tẹjú kó máa bá òun lọ sábà ní Sátidé. Bàbá á sọ ọ́ ní Yorùbá, Tẹjú á sọ ọ́ ní Faransé, Ammar á sọ ọ́ ní Dẹndí. Ọ̀rọ̀ kan, afárá méjì.

Ẹ̀yin náà sì mọ àwọn àgbà wa. Bàbá Fádáre ò lè ní kí wọ́n bu omi wá láì fi òwe sí i. Tẹjú kọ́kọ́ ń gé e kúrú. Bàbá á sọ̀rọ̀ títí èèyàn á fi bó ọsàn kan jẹ tán, Tẹjú á wá fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré jíṣẹ́ náà. Kò pẹ́ tí Bàbá fi fura. Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Olùkọ́, ṣé o ń jẹ nínú ọ̀rọ̀ mi ni? Agbọ̀n ni mo gbé lé ọ lọ́wọ́, àwo lo gbé fún wọn." Ojú ti Tẹjú. Ó bẹ Bàbá, ó sì bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé láti ọjọ́ náà lọ, òun ò ní jẹ́ kí ohunkóhun já bọ́. Ohun tí Bàbá bá wí, bó ṣe wí i gan-an lòun ó ṣe gbé e.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé kan, nígbà tí kòkó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí kíká rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, Sàlíhù tẹ́ ẹní fún Bàbá, ó sì gbé ẹ̀bẹ̀ kalẹ̀. Ó ní Sàádátù ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun mẹ́ta fẹ́ wá bá òun. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ tí òun yóò kọ́ yàrá kan sí, tí òun yóò sì gbin iṣu àti àgbàdo tí wọn yóò máa jẹ. Inú Bàbá dùn. Ó ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti fún un nílẹ̀ lẹ́bàá odò: igun kékeré kan lọ́dún yìí, òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀ bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní:

"Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Bàbá ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, Bàbá sì gbà pé ọmọlúàbí ni Sàlíhù. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ń múra àtilọ.

Tẹjú rántí àwo àti agbọ̀n. Ó tún ohùn ṣe, ó gbé òwe náà, kò sí ohun tó já bọ́: "C'est petit à petit que le groin du porc entre dans l'enclos." Orí rẹ̀ wú díẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo olùkọ́ Faransé ló mọ orúkọ tí wọ́n ń pe imú ẹlẹ́dẹ̀.

Ammar wò ó. Ó bi í pé ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Tẹjú ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹlẹ́dẹ̀. Ammar bá rẹ ohùn sílẹ̀, ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sọ ọ́ fún wọn ní Dẹndí. Sàlíhù dìde, ó kó ẹní, ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá ní Yorùbá, ó sì wọlé lọ. Bàbá ní ayọ̀ ló mú kó gbàgbé ọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Gàzálì tó ń fi ọ̀kadà gbé Tẹjú lọ síbi iṣẹ́ bi í lójú ọ̀nà pé kí ni Bàbá Fádáre fi ṣe àwọn ará Jugú. Tẹjú ní kò fi nǹkan kan ṣe wọ́n. Gàzálì ní, ó dáa, ṣùgbọ́n àná òun rí méjì nínú wọn ní gáréèjì, wọ́n ń béèrè ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nubodè Bẹ̀nẹ̀, àwọn méje, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ. Ó ní wọ́n ò ná ọkọ̀ rárá. Ẹni tí inú ń bí ni kì í ná ọkọ̀.

Tẹjú bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lórí ọ̀kadà. Bí wọ́n bá lọ ní Ọjọ́bọ̀, ta ni yóò ká kòkó? Orúnkún Bàbá ò lè gbé e dé ìdí igi kẹta. Kòkó tó bá pọ́n tí a ò ká, ọ̀kẹ́rẹ́ á jẹ níbẹ̀, òjò á sì sọ ìyókù di dúdú. Sàlíhù náà, ọdún kan gbáko ló fẹ́ fi sílẹ̀ lórí igi yẹn, ọwọ́ òfo ni yóò sì fi pàdé Sàádátù àtàwọn ọmọ. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé ẹnu Tẹjú lọ̀rọ̀ gbà kọjá, kò sì mọ ohun tí ẹnu òun ṣe.

Bí ilé-ìwé ṣe pa, ó ní kí Gàzálì gbé òun lọ sábà. Sàlíhù rí i, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá yíjú padà sí ibi tó ti ń di ẹrù. Ammar ló jáde bá a lábẹ́ igi ọsàn, tó sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ fún ọmọ pé ó ti ta epo sí aṣọ. Ó ní Sàlíhù tọrọ ilẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ, Bàbá wá fèsì pé ẹlẹ́dẹ̀ ń ti imú bọ ọgbà òun díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Madamu, Mùsùlùmí ni wá. Bí onílẹ̀ bá pè wá ní olè, a lè bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

Tẹjú wá rí i. Ó sáré wá òmíràn tó lè fi bò ó, ó rántí òwe Faransé kan tí òun fúnra rẹ̀ máa ń kọ sára pátákó: "Petit à petit, l'oiseau fait son nid." Ó ní ohun tí Bàbá ń wí ni pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹyẹ fi ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀.

Ammar mi orí. Ó ní òun mọ ẹyẹ yẹn dáadáa, inú ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn ló wà. Ó ní Bàbá ò ka ìwé yẹn. "Ní Sátidé, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Lónìí, ó ti di ẹyẹ. Lọ́la ńkọ́?" Kò bínú bó ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn ló sì dun Tẹjú jù.

Ó délé, kò jẹun. Ìyá Fadékẹ́ ń fọ ewé mọ́ínmọ́ín lẹ́yìn ilé, ó ń kọrin:

Ewé ń lọ, ewé ń bọ̀,
ewé tó mọ́ ló ń di ẹ̀wà,
ẹ̀wà tó jinná ló ń dọ́jà.

Ó wo ojú Tẹjú, ó dá orin dúró. Tẹjú jókòó sórí àpótí, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ìyá ní kó sọ Faransé náà kí òun gbọ́. Tẹjú sọ ọ́. Ìyá mú ṣíbí, ó ń fi kan ìdérí ìkòkò bí ọmọ náà ṣe ń sọ ọ́, ó sì dúró lágbedeméjì. Ó ní eléyìí kò jó. Ó ní kó gbọ́ ti Bàbá. Ó kàn án: díẹ̀, díẹ̀, ẹsẹ̀ méjì tó jọra, lẹ́yìn náà, ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ìrìn kan tó gùn, tó sì dúró gbọin lórí ọgbà. Ó ní, "Tìrẹ dà bí ẹni tó ru igi gba inú pápá. Ó ń fà, ó ń fà, kò mọ ibi tó máa sọ̀ ọ́ sí."

Tẹjú ní òtítọ́ ni. Ó ní òun fi àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kún un kí gbólóhùn lè pé pérépéré, ṣùgbọ́n òwe Faransé náà kì í fẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìyá béèrè nǹkan kejì: nígbà tó sọ ọ́ fún wọn, ṣé ó kọ́kọ́ sọ fún wọn pé òwe ni? Tẹjú ní òun ò sọ. Bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀, òun náà ò sì sọ ọ́.

Ìyá ní, "Ó dáa. Bàbá ò ní láti sọ ọ́, torí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ pé òwe ni kó tó dé ẹlẹ́dẹ̀. Ohùn ló fi mọ̀. Àwọn yẹn ò ní ohùn yẹn létí. Ìwọ ló yẹ kó fún wọn. Èmi arúgbó yìí, bí mo bá fẹ́ pòwe níwájú ẹni tó jù mí lọ, ṣé mi ò ní wí pé tótó, ó ṣe bí òwe?"

Tẹjú ronú sí i. Ó ní Faransé náà ní nǹkan tó sún mọ́ ọn. Bí èèyàn bá fẹ́ sọ ohun tó lè le létí àgbà, ó lè ní "sauf votre respect", ìyẹn ni pé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ yín. Bó bá wá fi "les anciens disent" tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ló ń wí, kì í ṣe Bàbá, kì í ṣe Tẹjú. Ìyá ní ìyẹn dára, kó fi pamọ́ sápò. Ó ku ẹlẹ́dẹ̀.

Tẹjú tún gbé ẹyẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ìyá ní kó sọ ohun tó wí padà fún òun ní Yorùbá, kó má sì wo ti Bàbá. Tẹjú ní díẹ̀díẹ̀ ni ẹyẹ fi ń kọ́ ìtẹ́. Ìyá ní òwe gidi ni, ó tún ń jó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lábà ni. Ẹyẹ ń kọ́ ilé ara rẹ̀ lórí igi tí kò sẹ́ni tó ni ín. Sàlíhù ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ọgbà ló ṣe kókó níbẹ̀. Ọgbà wà, ẹnì kan ló ni ín, ẹlòmíràn ń wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ò sì lé e. Bí ọgbà bá ti jábọ́, òwe Bàbá ti kú.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa wọgbà. Tẹjú ní kí àwọn fi ewúrẹ́ sí i, ewúrẹ́ ò ṣe Mùsùlùmí ní nǹkan kan. Ìyá ní olè ni ewúrẹ́ náà, ẹran nìkan ni wọ́n pààrọ̀, èébú wà níbẹ̀ síbẹ̀. Tẹjú ní ìgbín ńkọ́, tó ń fi ẹ̀sọ̀ rìn. Ìyá ní ìgbín ń gun igi, kò kan ọgbà. Tẹjú ní kí àwọn yọ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn fi "lentement", tó túmọ̀ sí pẹ̀lẹ́, sí i. Ìyá kàn án lórí ìdérí, ó ní ẹsẹ̀ kan ni ìyẹn, arọ ni. Ó ní ẹsẹ̀ méjì tó jọra ni kó wá. Tẹjú ní "petit à petit" ni, kò sí méjì rẹ̀, òun náà ń tún ara rẹ̀ pè bíi díẹ̀díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn tí Ìyá fi dìde láti lọ já ewé sọ́bẹ̀. Ìtàkùn elégédé kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, kì í ṣe òun ló gbìn ín. Ilé kejì ni wọ́n gbìn ín sí, ó wá fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ di igi ọgbà mú lọ́dún tó kọjá, ó fò ó, ó sì ti so mẹ́ta sílẹ̀ Ìyá Fadékẹ́. Ìyá dúró tì í, ó ń wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe Tẹjú pé kó wá wo ẹni tó wọgbà tí inú gbogbo ilé dùn sí.

Tẹjú sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Petit à petit, la courge entre au jardin." Ó pa "l'enclos" tì, torí ó dà bí ibi tí wọ́n ń so ẹran mọ́ létí Faransé. Ó mú "jardin", ibi tí oúnjẹ ti ń hù. Ìyá kàn án lórí ìdérí. Ẹsẹ̀ méjì tó jọra, ìrìn gígùn kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọgbà. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ń mi èjìká. Ó ní, "Sọ ọ́ fún mi padà." Tẹjú ní díẹ̀díẹ̀ ni elégédé ń wọgbà. Ìyá ní ó jó, ó sì ṣeé jẹ.

Ṣùgbọ́n Ìyá ní òwe kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ la fi ń hàn bí a bá fẹ́ pààrọ̀ ohun tó wà nínú igbá. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ bá Bàbá Fádáre ní Odigbo. Nígbà tí Bàbá gbọ́ ohun tí àwọn ará Jugú mú òwe rẹ̀ sí, ó ní òun ò ro tẹ̀sìn wọn rárá. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ òwe ni, ta ló ń wo ti àgọ́ ẹran? Nígbà tí wọ́n wá dé orí elégédé, ó fajú ro. Ó ní bàbá òun ló fi ẹlẹ́dẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún òun, òun ò lè tìtorí àlejò pa á. Ó tún ní elégédé a máa tàn bo gbogbo ilẹ̀, kí wọ́n má lọ sọ pé òun ti fún wọn ní oko tán.

Ìyá Fadékẹ́ ní, "Fádáre, gbọ́. Òwe yìí kan náà lo pa fún bàbá mi nígbà tí o ń wá fẹ́ mi nílé. Ṣé imú náà wọgbà?"

Bàbá gbìyànjú àtimú ojú le, kò lè ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọgbà bàbá rẹ̀ ti ga jù ni. Ìyá ní ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa fi pòwe ní Odigbo títí láé, kò sẹ́ni tó pa á. Inú Faransé nìkan ni kò ní wọ̀. Bàbá ní ó dáa, kí elégédé máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ní òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́ lẹ́nu, kí Tẹjú tó gbé e.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Gàzálì gbé Bàbá lọ sábà, ó padà wá gbé Tẹjú àti Ìyá Fadékẹ́ pẹ̀lú kúlà ńlá méjì tí Ìyá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí. Wọ́n bá ẹrù méje lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ti dì. Sàlíhù tẹ́ ẹní fún wọn, torí ìbínú ò ba ìwà rẹ̀ jẹ́. Kí Bàbá tó lanu, ó ní kí Ammar bi olùkọ́ ní ìbéèrè kan. Ammar bi í. Ó ní, ní Sátidé, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ Bàbá, àbí kò sí?

Gbogbo wọn ń wo Tẹjú. Ó mọ̀ pé òun lè sọ pé kò sí, pé òun ló ṣì í gbọ́. Yóò rọrùn, yóò sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹyẹ ìwé ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òwe àwọn àgbà ni, wọ́n ti ń pa á kí Bàbá tó dáyé, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ẹlẹ́dẹ̀ náà. Ó ní Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kì í rí ẹran níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló máa rí. Ó ní òun ló gbé àwòrán náà wá fún wọn láìgbé ìtumọ̀ rẹ̀, òun ò sì sọ fún wọn pé òwe ni. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ammar sọ ọ́ ní Dẹndí. Sàlíhù yíjú sí Bàbá.

Bàbá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹlẹ́dẹ̀ ń rìn káàkiri, gbogbo èèyàn ló ń fi ọparun ṣe ọgbà. Imú ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, kí ó tó di orí, kí ó tó di ara. Ó ní ẹni tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ ni òwe náà ń yìn. "Ṣùgbọ́n bí òwe mi bá dun àlejò mi, mo ní òmíràn." Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó ní: "Tótó, ó ṣe bí òwe. Díẹ̀díẹ̀ ni elégédé ń wọgbà. Igun ilẹ̀ lẹ́bàá odò, tìẹ ni lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó sún ọgbà síwájú."

Ẹ̀yin gbọ́ o, lọ́tẹ̀ yìí ó túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, Bàbá tí kì í túmọ̀ òwe.

Tẹjú gbé e: "Sauf votre respect, les anciens disent: petit à petit, la courge entre au jardin." Ó rọra sọ ọ́, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjì náà dún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti igun ilẹ̀ àti ti ọdún tó ń bọ̀. Ammar tẹ́tí, ó tún un sọ lábẹ́ ẹnu, ó sì sọ ọ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Sàlíhù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìgbà kẹta, Sàlíhù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Dẹndí, orí rẹ̀ sì ń mì lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń gbẹ́sẹ̀. Ìyá Fadékẹ́ tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú èdè méjèèjì fi ìka kan ìdérí kúlà, ó sì wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ó wo Tẹjú. Ó ní ó ti dé.

Sàlíhù dáhùn pẹ̀lú. Òwe lòun náà fi dáhùn. Ammar gbé e wá sí Faransé: "L'étranger qui a reçu l'eau ne demande pas le puits." Tẹjú ò sáré. Ó fẹ́ ní àlejò tó ti gba omi kò béèrè kànga, ó sì rí i pé igi gbígbẹ ni. Ó tún un gbé yẹ̀ wò lẹ́nu, ó wá wí fún Bàbá pé àwọn àgbà ti Jugú ní: "Àlejò tó mumi tó yó, kì í tún bi ni pé kànga dà." Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun, òun á gbé e lọ Odigbo lọ fi pa àwọn ẹgbẹ́ òun lẹ́nu mọ́.

Wọ́n tú ẹrù méje náà lójú gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká kòkó, wọ́n là á, wọ́n kó o sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó tó kan oòrùn. Tẹjú ra ìwé kékeré kan, ó la ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́ta: òwe bí Bàbá ṣe pa á, bí ó ṣe rí ní Faransé, àti ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ rò pé ó wí. Apá kẹta yẹn ló máa ń pẹ́ jù láti kún, torí inú Ammar àti inú Ìyá Fadékẹ́ ló ti ń bu ú.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́rú yẹn, Ìyá ṣí kúlà méjèèjì. Mọ́ínmọ́ín ló wà nínú ọ̀kan, iṣu tí wọ́n fi elégédé àti ẹja sè ló wà nínú èkejì. Elégédé tó wọgbà ni, èyí tó tóbi jù nínú mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n jẹ òwe náà, kó má baà ṣì wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Àwọn èèyàn Jugú jẹ, Gàzálì jẹ, ó tún jẹ. Bàbá Fádáre jẹ títí ó fi tú bùbá. Ìyá kọrin, àwọn tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ sí i:

Díẹ̀díẹ̀ la bẹ̀rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀ la yó,
elégédé wọgbà,
ọgbà ò jó, ọgbà ò wó.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tán tí wọ́n fi túká. Sàlíhù lọ pe Sàádátù lórí fóònù kó máa múra. Bàbá gun ọ̀kadà lọ sí Odigbo, ó ń tún òwe kànga pa lójú ọ̀nà. Tẹjú àti Ìyá Fadékẹ́ gbé kúlà òfìfo padà sí Ore, kò wúwo rárá. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú àjẹyó, inú wọn sì dùn.